Orí Kẹta: Ta Ní Ń Sanwó Wákàtí Yín?
Yíyan láàárín ilé-iṣẹ́ ọlọ́jà, éjẹ́ńsì àti agbaṣẹ́ṣe

Ní Kaúńtì Prince George's, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sábà máa ń ti ẹnu ènìyàn dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá kó tó ti ojú ìpolówó dé. Ẹnìkan á sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn ní Bowie, tàbí níbi ìsọmọlórúkọ ní Lanham, tàbí kí ó já sínú ẹgbẹ́ Wátsáàpù àwọn tó jọ jáde ilé-ìwé: "Iṣẹ́ kan wà ní Greenbelt o. Java ni wọ́n ń wá, dọ́là 65 ni wákàtí kan." Dẹfẹ́lọ́pà tó gbọ́ ọ á fi 65 sọ wákàtí 2,080 tó wà nínú ọdún iṣẹ́ di púpọ̀, á rí dọ́là 135,200, á sì fi rẹ́súmè rẹ̀ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò tíì béèrè ohun méjì tó yẹ kó ṣáájú: ta ni yóò máa san owó wákàtí yẹn, kí sì ni onítọ̀hún ń rà?

Ìdáhùn ìbéèrè méjì yìí ló ya ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí à ń sọ nínú orí yìí sọ́tọ̀. Òun náà ló sì yẹ kí ẹ fi pinnu ibi tí ẹ máa kọ orí ìwáṣẹ́ yín sí, ṣáájú orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ṣáájú iye tó wà lẹ́nu.

Alásè, télọ̀ àti ọ̀gá bíríkìlà

Ilé-iṣẹ́ ọlọ́jà jọ alásè tó gbé ìkòkò ìrẹsì kaná. Ìkòkò kan ni, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń jẹ níbẹ̀. Sọ́fítíwíà kan ni ilé-iṣẹ́ náà ní, òun ló ń tà fún ẹni púpọ̀. Ní agbègbè wa, Inovalon ní Bowie jẹ́ àpẹẹrẹ: ètò tó ń ṣàyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìlera ló ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ abánigbófò àti ilé ìwòsàn. IonQ ní College Park, nítòsí Yunifásítì Mẹ́rílàndì, náà ń ta kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù àti lílo rẹ̀. Lọ́dọ̀ irú wọn, wákàtí yín kò sí lórí àtẹ. Iṣẹ́ yín ni kí ọjà náà dára sí i, kí ó má sì bàjẹ́. Nítorí náà ẹ ó pẹ́ lórí kóòdù kan, ẹ ó sì jẹ èrè tàbí ìyà ìpinnu tí ẹ ṣe ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tí kò sí níbòmíràn nìyẹn.

Éjẹ́ńsì jọ télọ̀. Oníbàárà kan á wá, wọn á wọn ọrùn àti apá rẹ̀, wọn á dá ọjọ́ fún un, wọn á rán an, ó parí. Odindi iṣẹ́ ni éjẹ́ńsì ń tà: ojúewé fún ilé ìjọsìn ńlá kan, áàpù fún ilé oúnjẹ, ètò ìforúkọsílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kan. Iye tí wọ́n dá fún odindi iṣẹ́ kì í sábà yí padà. Bí iṣẹ́ bá gba wákàtí ju èyí tí wọ́n rò lọ, ara yín ni wákàtí tó lé náà ti máa jáde. Ẹ ó rí oríṣiríṣi iṣẹ́ láàárín ọdún kan, ẹ ó mọ bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kì í sábà wà níbẹ̀ nígbà tí ohun tí ẹ kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Agbaṣẹ́ṣe jọ ọ̀gá bíríkìlà tó kó lébìrà wá síbi iṣẹ́ onílé. Onílé ń sanwó lébìrà fún ọ̀gá, ọ̀gá ń yọ tirẹ̀, ó ń fún lébìrà ní ìyókù. Wákàtí yín gan-an ni ọjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ńlá àgbáyé ń ṣe é fún báńkì àti ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n ní Prince George's, ìjọba àpapọ̀ ni onílé tó tóbi jù. NASA wà ní Goddard ní Greenbelt, iléeṣẹ́ owó-orí IRS ní New Carrollton, àjọ ìkànìyàn ní Suitland, USCIS ní Camp Springs. Púpọ̀ nínú kóòdù tí àwọn àjọ wọ̀nyí ń lò, agbaṣẹ́ṣe ló ń kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ SGT, fún àpẹẹrẹ, dàgbà ní Greenbelt lórí iṣẹ́ NASA kí KBR tó rà á ní 2018.

Kò sí èyí tí kì í ṣubú nínú àwọn mẹ́ta, ṣùgbọ́n ohun tó ń bi kálukú ṣubú yàtọ̀. Gbèsè àti ọjà tí kò tà ló ń bi ọlọ́jà ṣubú. 2U, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lanham fún ọdún mélòó kan, ra edX ní 2021 ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù keje 2024, ó sá sábẹ́ òfin ààbò onígbèsè. Àìsí oníbàárà tuntun ló ń pa éjẹ́ńsì. Ní ti agbaṣẹ́ṣe, ohun tí oníbàárà fẹ́ ló ń yí padà, ilé-iṣẹ́ náà sì lè máa jẹ èrè lọ nígbà tí ẹ̀yin bá ń kó ẹrù. Andela tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2014 fi èyí hàn kedere: ní oṣù kẹsàn-án 2019, ó dá bíi 400 dẹfẹ́lọ́pà kékeré dúró ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà dẹfẹ́lọ́pà ni oníbàárà ń béèrè.

Ìbéèrè kan tó ń tú àṣírí

Orúkọ kì í sọ irú ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ́. Púpọ̀ wọn ló ń pe ara wọn ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ tó mọ̀ pé lébìrà ni wọ́n ń kó. Bí ẹ bá dé iwájú wọn, ẹ béèrè pé: "Ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé wákàtí mi?" Bí wọ́n bá ní kò sí ìwé wákàtí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọlọ́jà. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá iṣẹ́ wọn ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tó ń jẹ wákàtí jù, éjẹ́ńsì ni. Bí ẹlòmíràn tí kò sí nínú yàrá yẹn bá ni yóò fọwọ́ sí i, agbaṣẹ́ṣe ni, ẹni tí kò sí níbẹ̀ yẹn gan-an sì ni ọ̀gá yín.

Bí ó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ tẹ̀ síwájú: èèyàn mélòó ló wà láàárín èmi àti onílé? Agbaṣẹ́ṣe àgbà ló ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ ìjọba. Ó lè pín nínú rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe abẹ́, kí ìyẹn náà lọ gba ènìyàn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ akóniṣíṣẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gé tirẹ̀. Bí èèyàn bá pọ̀ lórí ìlà, owó yín á kéré, á sì pẹ́ kó tó dé, nítorí ẹni ìsàlẹ̀ sábà máa ń dúró kí ẹni òkè san kó tó san tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wá nínú ìpolówó àti nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́: `contingent upon award`. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò tíì gba kọ́ńtíráàtì, ó ṣì ń dù ú, ó sì fẹ́ fi rẹ́súmè yín dù ú. Ara mi ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Mo gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, ẹlòmíràn sì ló gba kọ́ńtíráàtì náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Ilé-iṣẹ́ yẹn kò purọ́ fún mi, èmi ni mi ò ka ìlà kan.

Ìṣirò dọ́là 65

Ẹ jẹ́ ká padà sí iṣẹ́ Greenbelt yẹn. Ẹ fi ojú inú wo dẹfẹ́lọ́pà kan tó ń gbé ní Lanham, tó ti ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, tó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Iṣẹ́ mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe fẹ́ san dọ́là 65 ní wákàtí, lórí W-2, kò sí owó ìsinmi, kò sí ìbánigbófò ìlera. Ọlọ́jà fẹ́ san 118,000 lọ́dún, ó sì ń fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìfẹ̀yìntì. Éjẹ́ńsì fẹ́ san 105,000, ó ń fi ìdá 3 kún un. Àwọn méjì ìkẹyìn ń san owó ìsinmi, wọ́n sì ń gbé púpọ̀ nínú owó ìbánigbófò.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọjọ́ tí kò ní sí owó kúrò lára ti agbaṣẹ́ṣe. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 11 lọ́dún. Ẹ fi ọjọ́ 15 kún un fún àìsàn, ìrìnàjò sílé àti ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọjọ́ 26 nìyẹn, wákàtí 208. Nínú 2,080, ó ku 1,872. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 65: dọ́là 121,680. Owó 135,200 ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni bẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì ni àwọn tó wà nínú iṣẹ́ yìí ń pe àkókò tí iṣẹ́ kan ti parí tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jókòó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìgbowó, wákàtí 160 tún lọ, ó ku 1,712, owó di 111,280. Bí ó bá wá ní láti ra ìbánigbófò fún ìdílé fúnra rẹ̀, tí ìyẹn sì fi 9,000 ju ohun tí ì bá san níbi iṣẹ́ ọlọ́jà lọ, ó ku 102,280.

Iṣẹ́ ọlọ́jà ńkọ́? 118,000, àti ìdá 4 tó jẹ́ 4,720, àpapọ̀ 122,720. Iṣẹ́ tó dà bíi pé ó kéré ní 17,200 ti fi ohun tó lé ní 20,000 ju ti agbaṣẹ́ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé dé. Ní kaúńtì yìí, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ni nọ́ọ̀sì wà. Bí ìyàwó ọkùnrin yìí bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ìbánigbófò ilé ìwòsàn rẹ̀ gbé gbogbo ìdílé, 9,000 yẹn kò sí mọ́. Bí kò bá sì sí bẹ́ńṣì lọ́dún náà, 121,680 ló kojú 122,720, ìyàtọ̀ wọn kò ju 1,040 lọ. Iṣẹ́ kan náà ni, wákàtí kan náà ni, àmọ́ ilé méjì ló ń wò ó. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ tẹ̀lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín yàn láìmọ ẹni tó gbé ìbánigbófò ilé rẹ̀.

Ti éjẹ́ńsì, ọ̀nà mìíràn la fi ń wọ̀n ọ́n. 105,000 pẹ̀lú ìdá 3 jẹ́ 108,150. Bí wọ́n bá ń ṣe wákàtí 50 lọ́sẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ bíi 47 tó kù lẹ́yìn ìsinmi, wákàtí bíi 2,340 ni, ó sì bọ́ sí dọ́là 46 ní wákàtí. Ti ọlọ́jà, bí ó bá jẹ́ wákàtí 40 lóòótọ́, ń bọ́ sí bíi dọ́là 66. Nítorí náà, níwájú éjẹ́ńsì, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pé wákàtí mélòó ni wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ tó kẹ́yìn lé oníbàárà lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá fi 1099 lọ̀ yín dípò W-2, ẹ rántí pé lórí W-2, agbanisíṣẹ́ ń san ìdajì owó Social Security àti Medicare, tó jẹ́ 7.65 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí 1099, ẹ̀yin ló ń san ìdajì méjèèjì. Dọ́là 65 lórí 1099 kì í ṣe dọ́là 65 lórí W-2.

Òfin kan wà tó ń mú ìṣirò yìí rọrùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, Mẹ́rílàndì ti pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ kọ iye owó tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sínú ìpolówó iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe ní ìpínlẹ̀ náà, pẹ̀lú àwọn àǹfààní mìíràn. Ìpolówó tí kò sọ iye rẹ̀ ti ń sọ irú ẹni tó gbé e jáde.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá bẹ́ńṣì ń bọ̀?

Bẹ́ńṣì ló da ìṣirò òkè yẹn rú jù. Fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ kò ní láti máa méfò. Ẹ ṣí USAspending.gov, ẹ lọ sí `Advanced Search`, ẹ kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe sí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó gba owó, ẹ sì mú Mẹ́rílàndì àti Prince George's gẹ́gẹ́ bí ibi iṣẹ́. Ẹ wá kọ́ńtíráàtì tó bá àjọ tí wọ́n sọ fún yín mu. Lójú ewé rẹ̀, ọjọ́ méjì ni kí ẹ wò: `Current End Date` àti `Potential End Date`.

Bí kọ́ńtíráàtì sábà ṣe rí ni ọdún kan ìpìlẹ̀ àti ọdún àfikún mẹ́rin, tí ìjọba lè fà gùn tàbí kí ó má fà gùn. Bí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá wà ní oṣù mẹ́fà síwájú tí èkejì sì wà ní ọdún mẹ́ta síwájú, iṣẹ́ náà ṣì ní ilẹ̀ tó lè dúró lé. Bí ọjọ́ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà tí ó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n fẹ́ẹ́ tún kọ́ńtíráàtì náà dù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ sábà máa ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀, nígbà mìíràn ní owó tó dín. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà rárá, ẹ yí àwárí náà sí `Subawards`. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí ó jìnnà sí onílé. Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ agbaṣẹ́ṣe àgbà fún yín.

Ewu kan wà tí ojú ewé yẹn kò lè fi hàn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ 35 láti ìparí 2018 wọ 2019, àti fún ọjọ́ 43 ní 2025, òfin 2019 dáàbò bo owó òṣìṣẹ́ ìjọba: wọ́n á san án padà. Òfin náà kò kan agbaṣẹ́ṣe. Ẹni méjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Suitland, kí ọ̀kan gba owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ padà, kí èkejì má rí nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbaṣẹ́ṣe ìjọba ṣe ọ̀nà jíjẹ gbọ́dọ̀ ní owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù méjì nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí wọ́n máa bi yín

Lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ìdánwò kóòdù àti ọ̀nà tí ẹ fi ń to ètò ńlá ló ń ṣílẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ éjẹ́ńsì, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tí ojú lè rí ni. Lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ìjọba, ìwé ló ń ṣíwájú. Kọ́ńtíráàtì sábà máa ń to òṣìṣẹ́ sí ìpele, ó sì ń sọ pé ẹni ìpele yìí gbọ́dọ̀ ní dìgírì àti ọdún iṣẹ́ báyìí. Bí ẹ kò bá bá a mu, ilé-iṣẹ́ kò lè gba owó wákàtí yín lọ́wọ́ ìjọba, bó ti wù kí ẹ mọ iṣẹ́ tó. Nítorí náà, bí dìgírì yín bá ti Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn wá, ẹ ti gbé e fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òkèèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí akóniṣíṣẹ́ kan bá ní òun á fi ọdún mẹ́ta kún rẹ́súmè yín, ẹ dìde. Irọ́ nínú ìwé ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́kẹ̀lé náà wà. Ẹ kò lè lọ béèrè fún un fúnra yín, iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ rán yín. Ìwé SF-85P wà fún ipò Public Trust, àwọn àjọ kan sì ń gba oníkáàdì àwọ̀ ewé fún un bí ó bá ti gbé ní Amẹ́ríkà fún ọdún mélòó kan. SF-86 ni ti iṣẹ́ àṣírí, ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ló sì sábà wà fún. Ó ń béèrè nípa mọ̀lẹ́bí tó wà lókè òkun, ilé tí ẹ kọ́ sí Ìbàdàn àti owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé. Kí ẹ ní ilé tàbí mọ̀lẹ́bí lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í pamọ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àyẹ̀wò náà lè gba oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹni tí owó ilé rẹ̀ yóò tán ní oṣù tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ fi èyí nìkan ṣe ìrètí.

Kíkọ àfojúsùn sórí ìwé kan

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ ohun mẹ́rin sí i. Àkọ́kọ́, owó tí ẹ kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ìṣirò ọjọ́ aláìlówó, bẹ́ńṣì àti ìbánigbófò. Ìkejì, oṣù mélòó tí ilé yín lè fara dà láìsí owó iṣẹ́. Ìkẹta, ìwé tí ẹ ní: káàdì, ọmọ ìlú, dìgírì tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò. Ìkẹrin, ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ mọ̀ ṣe ní ọdún méjì sí i tí ẹ kò mọ̀ báyìí. Lẹ́yìn èyí, ẹ yan oríṣi ilé-iṣẹ́ kan ní pàtàkì àti òmíràn ní àfidípò, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ wọn yàtọ̀ gan-an, ẹni tó bá ń lé mẹ́ta pọ̀ kò ní múra èyíkéyìí sílẹ̀ dáadáa.

Ọkùnrin Lanham wa, bí ìyàwó rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn, kọ báyìí: kò ní gba iṣẹ́ tó bá bọ́ sábẹ́ 110,000 lẹ́yìn ìṣirò. Ilé lè dúró fún oṣù mẹ́ta nítorí iṣẹ́ ìyàwó. Káàdì àwọ̀ ewé ló ní, dìgírì rẹ̀ ti gba àyẹ̀wò. Ó fẹ́ mọ bí a ti ń tọ́jú ètò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lò láìjẹ́ kó kú. Ohun tó fẹ́ mọ̀ yẹn tọ́ka sí ọlọ́jà. Ìbánigbófò ìyàwó àti ìwé rẹ̀ sì jẹ́ kí agbaṣẹ́ṣe tó ní kọ́ńtíráàtì gígùn, ní ipò Public Trust, jẹ́ àfidípò tó dára. Nínú ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tó bá fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ méjì, mẹ́fà á lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà, mẹ́rin sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí ọjọ́ ìparí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ jìnnà ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Éjẹ́ńsì kò sí nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún yìí.

Bí ìyàwó rẹ̀ kò bá níṣẹ́ tó ní ìbánigbófò, ìwé kan náà ì bá yí padà: ọlọ́jà mẹ́jọ, agbaṣẹ́ṣe méjì, kìkì àwọn tó ń san owó bẹ́ńṣì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún kan nínú iṣẹ́ tí kò ní ohun kankan láti fi hàn, éjẹ́ńsì ni ì bá ṣíwájú fún ọdún kan.

Kí ẹ tó dá ẹni tó mú ìròyìn iṣẹ́ Greenbelt wá lóhùn, ẹ béèrè orúkọ agbaṣẹ́ṣe àgbà àti orúkọ àjọ náà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó bá yín béèrè. Rẹ́súmè yín lè dúró títí di ọ̀la.